Bí A Ṣe Ń Yẹ Gbólóhùn Ìyọsílẹ̀ Wò Nínú Àdéhùn Àgbáyé, àti Bí Orílẹ̀-èdè Ṣe Ń Takò Ó

Nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ wọ inú àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti jọ ṣe, ṣùgbọ́n tí apá kan nínú rẹ̀ kò bá a lára mu, òfin àgbáyé gbà á láàyè láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gba àdéhùn náà, àyàfi apá báyìí, tàbí pé òun yóò mú apá náà lò lọ́nà tó yàtọ̀. Èyí ni gbólóhùn ìyọsílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó wà nínú àdéhùn náà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì takò ó bí kò bá tọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí iṣẹ́ yẹn já lé léjìká, ìyẹn agbẹjọ́rò tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tí ìwé ìfitónilétí nípa ìyọsílẹ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí tábìlì rẹ̀. Òfin tí a ó máa tẹ̀ lé ni Àdéhùn Fiẹ́nà lórí Òfin Àdéhùn, tí wọ́n ṣe ní 1969, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, pàápàá jù lọ abala 19 dé 23.

Àpẹẹrẹ kan ni a ó gbé dání láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1993, orílẹ̀-èdè Màlídífù, tí í ṣe àwọn erékùṣù inú Òkun Íńdíà, darapọ̀ mọ́ àdéhùn ọdún 1979 tí wọ́n ṣe láti fòpin sí ìdẹ́yẹsí àwọn obìnrin. Ó kọ ohun méjì mọ́ ọn. Èkíní ni pé òun yóò pa àdéhùn náà mọ́, àyàfi àwọn apá tí ìjọba òun bá rí i pé ó tako ìlànà Ṣàríà tí òfin àti àṣà ilẹ̀ náà dúró lé. Èkejì ni pé òun kò ka ara òun sí ẹni tí apá kankan nínú àdéhùn náà lè mú ní dandan láti yí òfin ilẹ̀ tàbí àwọn òfin òun yòókù padà lọ́nàkọnà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo iṣẹ́ tí gbólóhùn náà ń ṣe, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fún un

Abala 2 nínú Àdéhùn Fiẹ́nà sọ ọ́ kedere pé ohun yòówù kí wọ́n pe gbólóhùn kan, bí ó bá ti ń wá ọ̀nà láti mú apá kan nínú àdéhùn kúrò lórí ẹni tó kọ ọ́, tàbí láti yí bí apá náà ṣe dè é padà, ìyọsílẹ̀ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè kan a máa pè é ní àlàyé lásán, nítorí pé àlàyé kì í sábà fa àtakò. Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù kò gba irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ Belilos ní 1988. Swítsàlandì ti pe gbólóhùn tirẹ̀ ní àlàyé, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ náà kà á sí ìyọsílẹ̀, ó ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì ní àdéhùn náà ṣì de Swítsàlandì bí ẹni pé kò kọ ohunkóhun.

Ọ̀nà tó rọrùn láti fi mọ èyí tó jẹ́ ni kí ẹ bi ara yín pé: bí ilé-ẹjọ́ tó ní àṣẹ bá túmọ̀ abala yìí lọ́nà mìíràn lọ́la, ṣé orílẹ̀-èdè yìí yóò fara mọ́ ọn, àbí yóò ní òun kò sí nínú irú rẹ̀? Bí yóò bá fara mọ́ ọn, àlàyé ni. Bí kò bá ní fara mọ́ ọn, ìyọsílẹ̀ ni, kí ẹ sì bá iṣẹ́ lọ.

Níbí yìí kan náà ni kí ẹ ti wo ọjọ́. Àsìkò tí orílẹ̀-èdè ń buwọ́ lu àdéhùn, tó ń fàṣẹ sí i tàbí tó ń darapọ̀ mọ́ ọn nìkan ni ó lè ṣe ìyọsílẹ̀. Bí ó bá ṣe é nígbà tó buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ní láti fàṣẹ sí i lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ lákọsílẹ̀ nígbà ìfàṣẹsí, nítorí bí kò bá tún un sọ, ìyọsílẹ̀ náà ti já. Ti Màlídífù kò ní wàhálà kankan ní ìhín: inú ìwé tó fi darapọ̀ ló wà, ohun tó sì kọ kì í ṣe àlàyé rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bi àdéhùn náà fúnra rẹ̀ léèrè

Kí ẹ tó ronú nípa ìlànà gbogbogbòò, ẹ wo apá ìparí àdéhùn náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìfàṣẹsí àti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sábà máa ń wà. Àwọn àdéhùn kan ti ilẹ̀kùn pátápátá: abala 120 nínú Òfin Róòmù tó dá Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀ kò gba ìyọsílẹ̀ kankan. Àwọn mìíràn ṣí fèrèsé kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ni ìwé àfikún tó fòpin sí ìjìyà ikú lábẹ́ àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú. Ìyọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó gbà ni pé orílẹ̀-èdè lè pa ìjìyà ikú mọ́ fún ọ̀ràn ológun tó burú jù lọ tí ènìyàn bá dá lásìkò ogun. Ìyọsílẹ̀ tó bá yà kúrò nínú ààyè tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, a kò sì nílò àríyànjiyàn púpọ̀ lórí rẹ̀.

Àdéhùn lórí àwọn obìnrin yàtọ̀ díẹ̀. Abala 28 rẹ̀ gba ìyọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní èyí tó bá forí gbárí pẹ̀lú kókó àti èrèdí àdéhùn náà kò ní àyè. Abala 29 sì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda pé orílẹ̀-èdè lè sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé aáwọ̀ lọ síwájú adájọ́ aláàdéhùn, ìyẹn adájọ́ tí àwọn tó ń jà jọ fẹnu kò sí, tàbí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Bí ẹ bá rí ìyọsílẹ̀ sí abala 29, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, torí ohun tí àdéhùn bá ti yọ̀ǹda kì í ṣe ohun tí à ń takò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi kókó àti èrèdí àdéhùn wọn ìyọsílẹ̀ náà

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Láyé ìjọun, bí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo bá kọ̀, ẹni tó ṣe ìyọsílẹ̀ kò lè wọlé. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ló yí ọ̀rọ̀ náà padà ní 1951, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí àdéhùn tó dènà ìpa-ẹ̀yà-run, pẹ̀lú ìbò méje sí márùn-ún: wọ́n ní bí ìyọsílẹ̀ bá ti bá kókó àti èrèdí àdéhùn mu, ẹni tó ṣe é lè wà nínú àdéhùn náà bí àwọn kan tilẹ̀ takò ó. Àdéhùn Fiẹ́nà gba ìlànà yìí sínú abala 19. Ohun tí kò ṣe ni pé kò sọ bí a ó ṣe mọ kókó àti èrèdí. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti wá a rí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú àdéhùn náà, nínú àwọn abala tí ìyókù rọ̀ mọ́, àti nínú ohun tí kò ní ṣẹ́kù mọ́ bí a bá mú abala kan kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi wọn ti Màlídífù. Gbólóhùn kìíní kò dárúkọ abala kankan, kò sì sọ òfin ilẹ̀ náà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kódà, ìjọba náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa pinnu, lọ́jọ́ iwájú, apá tó bá rí i pé ó tako ìlànà tó gbé kalẹ̀. Ẹni tó wà lóde kò lè mọ ohun tí Màlídífù gbà àti ohun tí kò gbà, àfi kó dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe ohun kan. Àléébù tó tóbi nìyí, kò sì kan ẹ̀sìn: bí orílẹ̀-èdè mìíràn bá ní òun gba àdéhùn “níwọ̀n ìgbà tí kò bá tako òfin ilẹ̀ òun”, àléébù kan náà ló ní. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ẹni pé ẹ̀sìn ẹnìkan ni ẹ ń bá jà.

Gbólóhùn kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Abala 2 nínú àdéhùn náà ní kí orílẹ̀-èdè gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ, títí kan òfin, láti tún àwọn òfin, ìlànà, àṣà àti ìṣe tó ń dẹ́yẹ sí àwọn obìnrin ṣe tàbí láti pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó bá wọ inú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tó sì ní òun kò ní yí òfin kankan padà nítorí rẹ̀, ti mú ọ̀pá tó gbé òrùlé ró kúrò. Yàtọ̀ sí èyí, abala 27 nínú Àdéhùn Fiẹ́nà kò gbà kí orílẹ̀-èdè fi òfin abẹ́lé rẹ̀ ṣe àwáwí fún àìmú àdéhùn ṣẹ. A kò lè gba ẹnu ìyọsílẹ̀ mú irú àwáwí bẹ́ẹ̀ wọlé fún gbogbo àdéhùn lápapọ̀.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe ka ìyọsílẹ̀ sí èyí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé kò dùn mọ́ yín. Èyí tó dárúkọ abala kan, tó sọ òfin tó fà á, tó sì sọ ibi tó mọ, lè ṣòro láti gbà, síbẹ̀ kó bá òfin mu. Ẹ lè takò ó náà, nítorí òfin kò ní kí àtakò dúró lórí àìfẹsẹ̀múlẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ó forí gbárí pẹ̀lú èrèdí àdéhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka oṣù 12

Abala 20 nínú Àdéhùn Fiẹ́nà ní bí orílẹ̀-èdè kò bá takò ìyọsílẹ̀ láàárín oṣù 12 sí ìgbà tí wọ́n fi tó o létí, a ó kà á sí pé ó ti gbà á. Bí ìfitónilétí bá dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke yín. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn náà ní títí di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbà láti wà nínú àdéhùn, bí ọjọ́ yẹn bá pẹ́ ju ìparí oṣù 12 náà lọ. Àwọn àdéhùn kan ní òǹkà tiwọn, nítorí náà ẹ tún wo inú wọn: àdéhùn tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí nítorí ẹ̀yà fún ni ní 90 ọjọ́, ó sì ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá takò ìyọsílẹ̀ kan, a ó kà á sí èyí tó forí gbárí pẹ̀lú àdéhùn náà.

Fínlándì kọ àtakò rẹ̀ sí ti Màlídífù ní oṣù Karùn-ún 1994, ìyẹn kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn tí Màlídífù darapọ̀. Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2011 lórí ìyọsílẹ̀, ní ìyọsílẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò lè di èyí tó tọ́ nítorí pé àwọn yòókù dákẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbójú lé e láti jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, torí pé bí a bá wá ń jiyàn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lórí bóyá ìyọsílẹ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, àtakò tó dé lásìkò ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ yín. Ohun tó sábà máa ń fa ìdádúró ni pé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń dúró de èsì àwọn iléeṣẹ́ ìjọba yòókù. Ẹ fi gbèdéke tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ sínú lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ kí àtakò náà ṣe

Ibí yìí ni àtakò púpọ̀ ti ń sọ agbára nù. Àwọn tó kọ ọ́ bínú dáadáa, wọ́n ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, òfin sì wá fún wọn ní èsì tí wọn kò fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àdéhùn kan lórí odò tó gba orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá, tó ní bí májèlé bá dà sínú odò náà, kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí fi tó àwọn yòókù létí láàárín wákàtí 24. Orílẹ̀-èdè kan wọlé, ó ní wákàtí 72 ni tòun. Bí ẹ bá gbà, tàbí tí ẹ dákẹ́, wákàtí 72 ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin náà sì ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 72 sí i. Orílẹ̀-èdè yòókù kò sí nínú èyí, wákàtí 24 ni tiwọn láàárín ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ takò, ọ̀nà kìíní ni kí ẹ kàn takò láìsọ ohun mìíràn: àdéhùn náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín yín, ṣùgbọ́n abala 21 nínú Àdéhùn Fiẹ́nà ní apá tí ìyọsílẹ̀ kàn kò ní ṣiṣẹ́ níwọ̀n bí ìyọsílẹ̀ náà bá ṣe kàn án. Kò sí wákàtí 24, kò sí 72. Bí ìyọsílẹ̀ náà bá sì jẹ́ pé ó yọ abala náà kúrò pátápátá, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé bóyá ẹ gbà tàbí ẹ takò lásán, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ yóò dé: abala náà kò sí láàárín yín. Irú èyí ṣẹlẹ̀ láàárín Fránsì àti Brítéènì lórí ààlà ilẹ̀ abẹ́ òkun wọn. Ìgbìmọ̀ adájọ́ aláàdéhùn pinnu ní 1977 pé abala 6 nínú àdéhùn ọdún 1958, tí Fránsì ṣe ìyọsílẹ̀ sí, tí Brítéènì sì takò, kò ṣiṣẹ́ láàárín wọn dé ibi tí ìyọsílẹ̀ náà dé, wọ́n sì wo òfin àṣà àgbáyé, ìyẹn ìṣe tí àwọn orílẹ̀-èdè gbà bí òfin láìsí nínú àdéhùn, láti dí àlàfo náà.

Ọ̀nà kejì ni láti sọ pé ẹ kò gbà kí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni náà. Òfin gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìfi bò. Bí ẹ kò bá sọ, òfin yóò gbà pé àdéhùn náà wà láàárín yín. Nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kì í sábà ṣàǹfààní. Àwọn tí àdéhùn náà ń dáàbò bò wà ní ilẹ̀ ẹni tó ṣe ìyọsílẹ̀, àwọn náà ni kíkọ̀ yín yóò sì fi sílẹ̀ láìní alátìlẹyìn.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí Swídìn àti àwọn alájùmọ̀ṣe rẹ̀ ní àríwá Yúróòpù sọ di mímọ̀: ẹ ó sọ pé àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín yín lódindi, láìsí pé ẹni náà jàǹfààní ìyọsílẹ̀ rẹ̀. Abala 21 kò dárúkọ irú àtakò yìí, àwọn ìjọba kan kò sì gbà á, nítorí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò lè de orílẹ̀-èdè mọ́ ohun tí kò gbà. Ìtọ́sọ́nà ti 2011 wá àárín gbùngbùn: bí ìyọsílẹ̀ kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, a ó kà á sí pé àdéhùn náà de ẹni tó ṣe é lódindi, àyàfi tó bá ti sọ, tàbí tó hàn lọ́nà mìíràn, pé òun kò fẹ́ wà nínú àdéhùn láìsí ìyọsílẹ̀ náà. Fún ìyọsílẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀nà yìí ni èmi yóò yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́

Àtakò kò nílò gígùn. Kí ó dárúkọ àdéhùn náà, ẹni tó ṣe ìyọsílẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Kí ó sọ ìdí. Kí ó lo ọ̀rọ̀ náà “takò” gan-an, nítorí ìwé tó kàn sọ pé ọ̀rọ̀ kan ń kọ ìjọba yín lóminú lè má jẹ́ àtakò lábẹ́ òfin. Lẹ́yìn náà kí ó sọ àbáyọrí. Àtakò Fínlándì ní 1994 tẹ̀ lé ìlà yìí: ó ní ìyọsílẹ̀ náà kò ní ààlà, kò sì ṣe pàtó, pé ó lòdì sí kókó àti èrèdí àdéhùn náà, pé òfin abẹ́lé kì í ṣe àwáwí, pé Fínlándì takò ó, àti pé àtakò náà kò ní kí àdéhùn má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí kò sọ ni pé Màlídífù kò ní jàǹfààní ìyọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìyẹn, ìparí tiyín lè kà báyìí:

“Nítorí náà, ìjọba wa takò àwọn ìyọsílẹ̀ tí a mẹ́nu bà lókè yìí. Àtakò yìí kò dí àdéhùn náà lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lódindi, láìsí pé orílẹ̀-èdè tó ṣe ìyọsílẹ̀ náà jàǹfààní rẹ̀.”

Lákọsílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà, láti ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ fún orílẹ̀-èdè náà. Olùtọ́jú àdéhùn ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí; fún àwọn àdéhùn bí èyí, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni, òun ni yóò sì pín in fún gbogbo àwọn tó wà nínú àdéhùn. Kì í ṣe òun ni yóò dájọ́ bóyá ẹ jàre. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí ọjọ́ tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ máa tọpa ìyọsílẹ̀ náà

Orílẹ̀-èdè lè fa ìyọsílẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn nígbàkigbà, láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó tún lè dín in kù. Ohun tí kò lè ṣe bó ṣe wù ú lẹ́yìn tó ti wọlé ni láti fẹ̀ ẹ́, ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo hàn kedere. Ní 1999, Màlídífù fi ìyọsílẹ̀ tuntun rọ́pò ti 1993: ó dárúkọ abala 7 lórí ipò òṣèlú àti abala 16 lórí ìgbéyàwó àti ẹbí. Ó dà bíi pé ó dín in kù, nítorí ó ti ní ààlà báyìí. Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyọsílẹ̀ tuntun ni, pé ó fẹ ti tẹ́lẹ̀, ó sì takò ó. Nítorí náà, nígbà tí ìwé àtúnṣe bá dé, ẹ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wo abala kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tí orílẹ̀-èdè náà ti gbà tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó yọ. Bí ẹ bá rí ìkankan, ìgbésẹ̀ kìíní ni ẹ ó tún ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òǹkà oṣù 12 tuntun.

Màlídífù fa ti abala 7 sẹ́yìn ní 2010. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì àtakò yín ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé láti ìgbà tí ìfitónilétí bá ti dé ọwọ́ yín ni abala tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹ̀yin àti wọn, ẹ sì lè bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n mú un ṣẹ.